Tánkì kún, ṣáwà ò lágbára: bí mo ṣe ka àdánù omi nínú páìpù ilé kan ní Àkúrẹ́

Màmá onílé kan ní Ìjòkà, níbí ní Àkúrẹ́, ló ránṣẹ́ pè mí. Ṣáwà balùwẹ̀ rẹ̀ ń ro tótó bí omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé, bẹ́ẹ̀ tánkì kún dẹ́nu. Púlọ́mbà tó kọ́kọ́ wá ti sọ fún un pé tánkì náà kò ga tó, pé kí wọ́n fi mítà kan kún irin tó gbé e dúró. Owó irin àti owó wẹ́dà ló ba Màmá lẹ́rù. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa kí n tó náwó sí irin o.”

Bí mo ṣe wò ó dáadáa ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí. Ìṣirò rẹ̀ kò le, fóònù lásán tó o. Ohun tó gba sùúrù ni kí èèyàn tẹ̀ lé omi ní ẹsẹ̀-ń-tẹ̀lé-ẹsẹ̀ láti ẹnu tánkì títí dé orí ṣáwà, kó sì ka gbogbo ohun tó bá pàdé lójú ọ̀nà.

Ẹ wo gíga omi bí owó lápò. Bí ojú omi inú tánkì bá fi mítà kan àbọ̀ ga ju ẹnu ṣáwà lọ, mítà kan àbọ̀ yẹn ni gbogbo owó tí omi ní. Ara páìpù ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí omi ń fara gbún un. Gbogbo ibi tí omi ti yí, tí ó há, tàbí tí ó pín náà ń gba tiwọn. Nígbà tí omi bá dé ẹ́líbò (kì í ṣe èlùbọ́ o, ìgúnpá páìpù ni mo ń sọ), ó máa ń sáré lọ lu ògiri òde, ó sì máa ń fi ẹ̀gbẹ́ inú sílẹ̀. Níbi tó fi sílẹ̀ yẹn, omi á máa yí po lójú kan náà bí omi odò lẹ́yìn òkúta. Agbára tó fi ń yí po yẹn ti lọ nìyẹn, kò ní padà wá. Ìyípo yìí a máa bá omi lọ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ́líbò kó tó rọlẹ̀.

Ìwé máa ń pe àdánù wọ̀nyí ní àdánù kéékèèké. Orúkọ yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Nínú páìpù ìjọba tó gùn ní kìlómítà, òótọ́ ni pé ẹ́líbò mẹ́wàá kò já mọ́ nǹkan. Òfin àfojúdá kan sọ pé bí gígùn páìpù bá ju ẹgbẹ̀rún ìlọ́po fífẹ̀ inú rẹ̀ lọ, èèyàn lè gbójú fò wọ́n. Ẹgbẹ̀rún ìlọ́po mìlímítà 20 jẹ́ mítà 20. Páìpù inú ilé Màmá kò tó bẹ́ẹ̀, mítà 14 péré ni, ó sì kún fún ìyípo. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn kékeré yìí ló máa ń kó owó jẹ jù.

Ìṣirò àkọ́kọ́ nìyí:

```
h = K × v² / (2 × 9.81)
```

`h` ni gíga omi tó sọnù, ní mítà. `v` ni eré omi nínú páìpù, ní mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. `K` ni iye tí a fún ẹ́líbò tàbí fáàfù kọ̀ọ̀kan: bí ó ti ń dí omi lọ́wọ́ sí ni K rẹ̀ ṣe tóbi sí. Ìdá ọ̀tún yẹn, `v²` tí a pín, ni mo máa ń pè ní gíga eré. Bí ẹ́líbò bá ní K tó jẹ́ 0.9, ó túmọ̀ sí pé ó ń gba 0.9 nínú gíga eré kan ní gbogbo ìgbà tí omi bá kọjá. Ara páìpù tó tọ́ náà ní K tirẹ̀, `f × L / D`: gígùn rẹ̀ tí a fi fífẹ̀ inú rẹ̀ pín, tí a sì fi f, iye ìfaragbún, sọ di púpọ̀. Nípa báyìí, páìpù àti ẹ́líbò di ohun kan náà lórí òṣùwọ̀n, a sì lè rò wọ́n pọ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nílé Màmá ni wíwọ̀n. Mo fi rọ́bà funfun tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ìdọ́gba ilé wọn ojú omi tánkì dé ẹnu ṣáwà: mítà 1.5 ni, nígbà tí tánkì wà ní ìdajì ó lé díẹ̀. Ojú omi ni kí ẹ wọ̀n o, ẹ má wọn ìdí tánkì. Mo wọn páìpù: tíríì-kọ́tà pí-fí-sí, mítà 14, fífẹ̀ inú rẹ̀ tó mìlímítà 20. Inú páìpù ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe òde rẹ̀, nítorí páìpù nípọn, tí wọ́n sì ń fi orúkọ kan ta oríṣi méjì tí inú wọn kò dọ́gba.

Lẹ́yìn èyí ni mo yọ orí ṣáwà kúrò, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10 sábẹ́ ẹnu páìpù, mo sì ní kí ọmọ iṣẹ́ mi fi fóònù ka àkókò. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló gbà. Ẹ jẹ́ kí 40 yìí wà lọ́kàn yín. A tún dá orí ṣáwà padà, a tún gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀: 62.

Wàyí o, kíkà. Mo rìn tẹ̀ lé páìpù. Ẹnu páìpù yọ sínú tánkì díẹ̀ nítorí báàkì-nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́ ara tánkì, géètì fáàfù kan wà lábẹ́ rẹ̀, tíì mẹ́ta wà tí omi ṣáwà gba àárín wọn kọjá tààrà (ti kíṣìnì, ti ẹ̀rọ ìta, ti báṣíìnì), tíì kan wà tí omi yà níbẹ̀, ẹ́líbò mẹ́sàn-án, àti sítọ́ọ̀pù-kọ́ọ̀kì kan lára ògiri balùwẹ̀. Ẹ́líbò mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án yẹn wà ní ojú kan ṣoṣo: ẹni tó ṣe é fẹ́ yẹ fún fèrèsé, ó fi páìpù fo fèrèsé kọjá lókè. Ó rẹwà lójú, ṣùgbọ́n omi ló ń san owó ẹwà yẹn.

```
ẹnu páìpù tó yọ sínú tánkì      0.8
géètì fáàfù tó ṣí tán           0.2
ẹ́líbò  9 × 0.9                 8.1
tíì tó yà                       1.8
tíì tààrà  3 × 0.6              1.8
sítọ́ọ̀pù-kọ́ọ̀kì               10.0
àpapọ̀                          22.7
```

Ẹ wo sítọ́ọ̀pù-kọ́ọ̀kì yẹn dáadáa. Òun nìkan ju ẹ́líbò mẹ́sàn-án lọ. Ìdí ni pé inú rẹ̀ kò tọ́: omi máa ń dé, á gun òkè gba ojú ihò kékeré kan lábẹ́ wọ́ṣà, á tún sọ̀kalẹ̀ padà kó tó jáde. Ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì fáàfù, tí inú rẹ̀ kò ní ìdènà rárá nígbà tí ó bá ṣí tán. Iye K tó wà láàárín wọn jẹ́ ìlọ́po àádọ́ta, bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tó dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, idẹ ni méjèèjì.

Fún ara páìpù, f ni mo nílò. Nínú páìpù pí-fí-sí tó mọ́ tó sì jẹ́ mìlímítà 20, bí omi bá ń rìn ní ìdajì mítà sí mítà kan àti díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, f máa ń wà láàárín 0.025 àti 0.030. Mo mú 0.027. Fún páìpù irin àtijọ́ tó ti ń dípẹtà, iye yìí kò tó rárá. Nítorí náà, K páìpù jẹ́ 0.027 × 14 ÷ 0.020, èyí tó jẹ́ 18.9. Ó ku eré tí omi bá jáde lẹ́nu páìpù, tí òun náà jẹ́ gíga eré kan: 1.0.

18.9 + 22.7 + 1.0 jẹ́ 42.6. Láti ibí, eré omi ló kù:

```
v = √(2 × 9.81 × 1.5 / 42.6) = 0.83
```

Ẹ fi ojú ihò páìpù, 0.000314 mítà ìwọ̀n-ojú, sọ ọ́ di púpọ̀: lítà 0.26 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10 yóò kún ní 38. Èyí tí a kà lóòótọ́ ni 40. Ìṣirò náà kò parọ́ fún wa rárá.

Ká ní mo ṣe bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe, tí mo ka páìpù nìkan, tí mo gbàgbé ẹ́líbò àti fáàfù, K á jẹ́ 19.9, bọ́kẹ́ẹ̀tì á kún ní 26 lórí ìwé. Nígbà tí 40 bá wá jáde níta, ẹni tó ṣe ìṣirò yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í bú tánkì.

Ọ̀nà kejì wà, òun ni àwọn àgbà púlọ́mbà fẹ́ràn jù nítorí kò gba K. Dípò kí a fún ẹ́líbò ní iye kan, a ó béèrè pé páìpù tó tọ́ gígùn mélòó ló máa jẹ omi níyà bí ẹ́líbò yìí. Gígùn yẹn la ó fi kún gígùn páìpù, a ó sì ṣe bí ẹni pé páìpù tó tọ́ lásán ni gbogbo rẹ̀. Àtẹ tó wọ́pọ̀ máa ń kọ ọ́ bí ìlọ́po fífẹ̀ inú páìpù: ẹ́líbò 30, tíì tó yà 60, tíì tààrà 20, géètì fáàfù 8, sítọ́ọ̀pù-kọ́ọ̀kì 340. Nílé Màmá, ẹ́líbò mẹ́sàn-án jẹ́ 270, tíì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin 120, sítọ́ọ̀pù-kọ́ọ̀kì 340, géètì 8. Àpapọ̀ 738, ní ìgbà mìlímítà 20, jẹ́ mítà 14.8. Ẹnu páìpù nínú tánkì àti ìjáde omi kì í sábà sí nínú irú àtẹ yìí, nítorí náà mo fi K wọn, 1.8, ṣe é: 1.8 × 0.020 ÷ 0.027 fún mi ní mítà 1.3. Gbogbo rẹ̀ wá di 14 + 14.8 + 1.3, ìyẹn mítà 30 ó lé díẹ̀. Ìṣirò yìí ní kí bọ́kẹ́ẹ̀tì kún ní 37.

Ẹ rí i pé ọ̀nà méjèèjì fẹnu kò, 38 àti 37. Mo máa ń lo gígùn nígbà tí mo bá fẹ́ ṣàlàyé fún onílé. Mo sọ fún Màmá pé, “Ẹ wò ó, ma, mítà 14 páìpù lẹ rà, ṣùgbọ́n mítà 30 lomi ń rìn.” Ojú ẹsẹ̀ ló yé wọn. K ni mo máa ń lò nígbà tí mo bá fẹ́ ìdáhùn tó ṣe é gbára lé, pàápàá bí páìpù kò bá jẹ́ fífẹ̀ kan náà. Àtẹ gígùn yẹn wá láti ara páìpù irin àti eré omi tó le. Bí f yín bá yàtọ̀, gígùn náà yàtọ̀, àtẹ kò sì ní sọ fún yín.

Èmi kì í fi orí ìwé nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, àní fáàfù pàápàá. Tíì ẹ̀rọ ìta wà kí omi tó dé sítọ́ọ̀pù-kọ́ọ̀kì, tíì báṣíìnì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ki rọ́bà funfun bọ ẹnu ẹ̀rọ ìta, mo ki òmíràn bọ ẹnu ẹ̀rọ báṣíìnì, mo gba ojú fèrèsé fa méjèèjì wá sára ògiri kan náà, mo so wọ́n mọ́ pátákó, ẹnu wọn dojú kọ òkè. Mo ṣí ẹ̀rọ méjèèjì tán. Omi gun inú rọ́bà, ó dúró. Níwọ̀n ìgbà tí ṣáwà wà ní títì, omi inú rọ́bà méjèèjì dọ́gba, ó bá ojú omi tánkì mu. Ọmọ iṣẹ́ mi wá ṣí ṣáwà láìsí orí rẹ̀. Omi inú rọ́bà méjèèjì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ti báṣíìnì já ju èkejì lọ. Mo fi téèpù wọn àlàfo wọn: sẹ̀ńtímítà 38. Nǹkan bíi 4 nínú rẹ̀ jẹ́ ti tíì kan àti ìdajì mítà páìpù tó wà láàárín wọn. 34 tó kù, sítọ́ọ̀pù-kọ́ọ̀kì ló jẹ ẹ́. Nígbà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ń kún ní 40, gíga eré jẹ́ sẹ̀ńtímítà 3.2, nítorí náà K rẹ̀ jẹ́ 34 ÷ 3.2, ó lé díẹ̀ ní 10. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, “Ọ̀gá, àṣé a lè rí i!” A lè rí i ni.

Ibi tó yà mí lẹ́nu ló wá kù. Mo ti ṣe tán láti sọ fún Màmá pé ká yọ sítọ́ọ̀pù-kọ́ọ̀kì, ká tọ́ ojú fèrèsé, kí iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n 62 yẹn kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo yí ìṣirò padà: bí gíga bá jẹ́ mítà 1.5, tí bọ́kẹ́ẹ̀tì sì kún ní 62, K gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 112. Láìsí orí ṣáwà, 40 túmọ̀ sí 46.5. Tí a bá mú 46.5 yìí kúrò lára 112, tí a sì dá ìjáde omi, 1.0, padà, orí ṣáwà nìkan jẹ́ 66. Orí kan tó mọ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ ju páìpù, ẹ́líbò àti fáàfù lápapọ̀ lọ! Ká ní mo pààrọ̀ sítọ́ọ̀pù-kọ́ọ̀kì, tí mo yọ ẹ́líbò mẹ́rin, tí mo sì fi orí ṣáwà yẹn sílẹ̀, K á kàn kúrò ní 112 bọ́ sí 98, bọ́kẹ́ẹ̀tì á kún ní 58 dípò 62. Màmá kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, á sì ní mo gba owó òun lásán. Ká tilẹ̀ tẹ̀ lé ti púlọ́mbà àkọ́kọ́, kí tánkì fi mítà kan ga sí i, 48 ló máa jáde.

Mo ṣí orí ṣáwà náà. Yanrìn tín-ín-tín àti ìdọ̀tí funfun líle ti dí ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán pàápàá, ihò náà kéré. Irú èyí tí wọ́n ṣe fún ilé tó ní pọ́ńpù ni. Màmá ra orí mìíràn, èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀. A yọ sítọ́ọ̀pù-kọ́ọ̀kì, a fi fáàfù ọlọ́wọ́ rọ́pò rẹ̀, èyí tí a ń yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí inú rẹ̀ ń ṣí gbayawu bí páìpù, K rẹ̀ kò ju 0.1 lọ. Ẹ fi ojú sí i kí wọ́n má ta èyí tí ihò inú rẹ̀ há fún yín. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wò ó já. A tọ́ páìpù ojú fèrèsé, ẹ́líbò mẹ́rin kúrò. Láìsí orí ṣáwà, bọ́kẹ́ẹ̀tì kún ní 34. Pẹ̀lú orí tuntun, 40. Tánkì wà níbi tó wà.

Nínú gbogbo rẹ̀, sítọ́ọ̀pù-kọ́ọ̀kì kan yẹn dọ́gba pẹ̀lú irin ìdúró tánkì ní sẹ̀ńtímítà 45: iye tí ẹ máa gbé tánkì ga sí kí páìpù láìsí orí ṣáwà tó lè tú omi tó yíyọ rẹ̀ mú wá.

Ibi tí ìṣirò yìí ti máa ń kọsẹ̀ kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni páìpù oníwọ̀n méjì. K ẹ́líbò kan bá eré inú páìpù tirẹ̀ lọ. Bí ìyókù ìlà bá jẹ́ mìlímítà 20, tí ẹ́líbò kan sì wà lórí páìpù mìlímítà 26, ẹ kò lè rò wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó fi 20 ÷ 26 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, èyí tó jẹ́ 0.35, kí ẹ fi ìyẹn sọ K rẹ̀ di púpọ̀. Ẹ rí i pé ẹ́líbò ìnṣì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ohun tó ju ìdá mẹ́ta lọ nínú tí tíríì-kọ́tà ń gbà.

Èkejì ni fáàfù tí kò ṣí tán. Géètì fáàfù tó ṣí dé ìdajì kì í ṣe 0.2 mọ́, ó lè tó 5.6, tó bá ṣí ní ìdá mẹ́rin, ó lè tó 24. Nígbà mìíràn, ọwọ́ rẹ̀ á máa yí dáadáa, ṣùgbọ́n ahọ́n inú rẹ̀ ti já, ó dúró sí àárín. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì yín bá pẹ́ ju ìṣirò lọ ní ìlọ́po kan àbọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi rọ́bà funfun wò.

Ẹ́líbò méjì tó sún mọ́ra, tí páìpù àárín wọn kò tó sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá, kì í gba iye ẹ̀ẹ̀mejì K gan-an, nítorí ìyípo àkọ́kọ́ kò tíì rọlẹ̀ kí omi tó dé ìkejì. Àtẹ pàápàá kì í bára wọn mu. Gọ́ọ̀mù tó ya sínú páìpù nígbà tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ náà ní K tirẹ̀, tí kò sí nínú àtẹ kankan. Fún ìdí yìí, bí ìṣirò bá wà láàárín ìdá márùn-ún sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, inú mi máa ń dùn.

Ó kù ìdánwò kan tó ń ya ẹ́líbò sọ́tọ̀ kúrò lára afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù. Ẹ ka bọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tánkì kún, kí ẹ tún kà á nígbà tó fẹ́ gbẹ. Bí gíga bá kúrò ní mítà 2 bọ́ sí mítà 1, àkókò yẹ kó di ìlọ́po 1.4, nǹkan bíi 35 sí 49 ní ti ilé Màmá kí a tó tún un ṣe. Bí ó bá pọ̀ jùyẹn lọ fíìfíì, tàbí tí omi dákẹ́ pátápátá nígbà tí tánkì ṣì ní omi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ́líbò mọ́: afẹ́fẹ́ ló há sí ibi tí páìpù ti ga, bóyá ní ojú fèrèsé bíi ti ibí yìí. Ní ti Màmá, mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì, 35 àti 50 ló jáde, ìyẹn ló jẹ́ kí n gbọ́kàn lé ìṣirò kí n tó mú ayùn jáde.